Èémí Lákọ̀ọ́kọ́, Ọwọ́ Lẹ́yìn: Ìtọ́sọ́nà Ìlúwẹ̀ẹ́ Fírísítáìlì fún Àgbàlagbà tí Ó Máa Ń Rẹ̀ Kíákíá

Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó bá kọ́kọ́ tọ̀ mí wá ní Ẹ̀pẹ́ níbí láti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Wọ́n á ní àwọn mọ̀ ọ́n lú, àmọ́ kí àwọn tó dé òdìkejì púùlù, èémí á ti tán nínú àwọn, apá á ti wúwo, ẹsẹ̀ á sì ti máa rì. Ohun tí wọ́n máa ń rò ni pé agbára ni kò tó mọ́, tàbí pé ọjọ́ orí ló dé. Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹsẹ̀ gidigidi, wọ́n á máa ju apá ní wàràwàrà, èyí á sì tún jẹ́ kó rẹ̀ wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tí mo ti rí, tó sì dá mi lójú, ni pé ibi tí ọ̀ràn náà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni èémí tí a kò jẹ́ kó jáde nígbà tí ojú wà nínú omi. Ẹni tó di èémí sínú á fẹ́ gbé orí sókè kó tó lè mí. Bí orí bá ti gòkè, ẹsẹ̀ á rì. Bí ẹsẹ̀ bá ti rì, ọwọ́ tó yẹ kó máa fa omi sẹ́yìn á yà sídìí títẹ omi sílẹ̀ kí orí má bàa wọlé. Nítorí náà, bí a bá kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní bí ọwọ́ ṣe ń gbá omi mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, asán ni. Ọwọ́ rẹ̀ ti ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe, ìyẹn ni pé kó gba ẹni tó ni ín là. Ètò tí mo fi ń kọ́ni ni pé èémí ló ṣáájú, ìdúró ara ló tẹ̀ lé e, ọwọ́ ló sì kẹ́yìn.

Ẹni tó bá ti lè fi ojú sínú omi, tó lè léfòó, tó sì lè lúwẹ̀ẹ́ bíi mítà 15 láìdúró ni mo kọ èyí fún. Ẹni tí ẹ̀rù omi ṣì ń bà ní láti kọ́kọ́ wá olùkọ́ tí yóò dúró tì í.

Màá fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n, ẹni ọdún 46, Tíṣà sì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ẹ̀bá ọ̀sà ni wọ́n ti dàgbà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ bí àwọn ọmọdé etí omi ṣe ń kọ́ ọ: orí á wà lókè, àgbọ̀n á yọ síta, apá méjèèjì á máa gbá omi bí ẹni ń ti koríko kúrò lọ́nà. Ìlúwẹ̀ẹ́ yẹn ní iṣẹ́ tirẹ̀, nítorí ẹni tó wà nínú ọ̀sà gbọ́dọ̀ máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ agbára púpọ̀, ó sì ti di bárakú fún wọn kí wọ́n tó tọ̀ mí wá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ wà

Púùlù ìdíje máa ń gùn ní mítà 25 tàbí 50, ṣùgbọ́n ti òtẹ́ẹ̀lì kò ní gígùn kan pàtó, nítorí náà ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n. Èyí tí à ń lò jẹ́ mítà 20. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ láti etí kan dé èkejì bí ẹ ṣe máa ń lù ú, kí ẹ má ṣe tún nǹkan kan ṣe. Ẹ ka iye ìgbà tí ọwọ́ yín wọ omi, ọ̀tún àti òsì papọ̀. Ìjùpá ni mo ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnì kan tó dúró létí púùlù fi fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà tí ẹ bá sì fọwọ́ kan ògiri, ẹ ka iye èémí tí ẹ máa mí kí ẹ tó lè sọ gbólóhùn kan tán láìdánu dúró láàárín.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ Tíṣà, ìjùpá 27 ni, ìṣẹ́jú àáyá 33 ni, wọ́n sì mí lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá kí wọ́n tó lè dá mi lóhùn dáadáa. Bí ẹ bá ro ìjùpá àti ìṣẹ́jú àáyá pọ̀, ó jẹ́ 60. Ẹ kọ tiyín sínú ìwé. Nọ́ńbà mẹ́ta yìí ni yóò máa sọ òótọ́ fún yín, nítorí pé bí ara ṣe ń rò pé òun ń ṣe nínú omi kì í fi bẹ́ẹ̀ bá bí ó ṣe ń ṣe gan-an mu.

Ìgbésẹ̀ kìíní: jíjẹ́ kí èémí jáde

Ìyàtọ̀ kan wà láàárín kí èèyàn má rí èémí tó àti kí èémí tó ti lò kún inú rẹ̀. Ohun tó ń mú kí ara máa pariwo pé òun fẹ́ mí kì í sábà jẹ́ pé ọ́síjìn ti tán nínú ara. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì, afẹ́fẹ́ tí ara ti lò tó sì fẹ́ dà nù, ló ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, òun ló sì ń fa ìdààmú yẹn. Nítorí náà, ẹni tó fa afẹ́fẹ́ ńlá símú, tó dì í mú sábẹ́ omi, ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe ìpayà. Bó bá yí ojú síta, ó ní láti kọ́kọ́ mí èyí tó wà nínú jáde kó tó lè fa tuntun, bẹ́ẹ̀ àkókò tí ẹnu fi ń wà lókè kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Kò lè ráyè ṣe méjèèjì. Díẹ̀ ló máa jáde, díẹ̀ ló máa wọlé, yóò sì máa pọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìjùpá títí tí yóò fi dúró láàárín púùlù.

Ẹ dúró níbi tí omi dé àyà yín, kí ẹ di etí púùlù mú. Ẹ fa èémí bí ẹni tó jókòó sílé ṣe ń fà á. Kì í ṣe èyí tó ń gbé èjìká sókè. Ẹ fi ojú sínú omi, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí síta lójú ẹsẹ̀ láti imú àti ẹnu, kí ìfóòfó omi máa jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìdáwọ́ dúró, bíi ti ìkòkò tó ń hó lórí iná kékeré. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ọkàn yín. Bí ẹ bá ka ẹ̀rin, ẹ fẹ́ èyí tó kù jáde pẹ̀lú agbára díẹ̀ bí ẹ ti ń yí ojú sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì fi ẹnu fa tuntun. Ẹ ṣe é lógún ìgbà, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún ṣe é lógún ìgbà sí i.

Ọ̀nà tí ẹ fi máa mọ̀ bóyá ó yẹ ni ìró rẹ̀. Bí ẹ bá yí ojú síta tí ẹni tó dúró tì yín gbọ́ ìró èémí méjì, èyí tó ń jáde àti èyí tó ń wọlé, ẹ ṣì ń dì í mú. Bí ìró kan ṣoṣo bá wà, tó kúrú, tó jẹ́ ti èyí tó ń wọlé, ó ti bọ́ sí i. Ọ̀nà mìíràn ni pé kí ẹ máa mí jáde níbi tí omi kò ti jìn, kí ẹ ká ẹsẹ̀ kò, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹ óò rọra rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹni tó ń mí jáde lóòótọ́ á máa rọ̀. Ẹni tó ṣì di èémí mú á léfòó bí ìgò tí a dé.

Nígbà tí Tíṣà kọ́kọ́ ṣe é, ìfóòfó tó jáde kò ju mẹ́ta lọ, ló bá dúró. Mo ní, "Tíṣà, ẹ ti dì í mú." Wọ́n ní, "Kóòṣì, mo ṣáà ń mí jáde." Mo ní kí wọ́n máa kun orin lábẹ́ omi, orin yòówù tí wọ́n bá fẹ́, nítorí ẹni tó ń kun orin kò lè di èémí mú. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin tí wọ́n ṣe é ni ìfóòfó náà tó jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí mo sì rí i tí èjìká wọn wálẹ̀ kúrò létí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a lò lórí èyí nìkan, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a kò sì lúwẹ̀ẹ́ ju mítà 10 lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mi ò lè fò. Ẹ má ṣe mí wìtìwìtì léraléra kí ẹ tó wọ abẹ́ omi, kí ẹ sì má bá ara yín díje lórí ẹni tó máa pẹ́ jù lábẹ́ omi. Mímí wìtìwìtì a máa lé kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ara kò sì ní lè ṣe ìkìlọ̀ mọ́ kí ọ́síjìn tó tán. Èèyàn lè dákú sábẹ́ omi láìmọ̀ rárá. Àwọn tó mọ omi dáadáa pàápàá ti bá a lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ara tó tẹ́ pẹrẹsẹ

Ara èèyàn nínú omi dà bí igi jangirọ́fà. Àyà, tí ẹ̀dọ̀fóró tó kún fún afẹ́fẹ́ wà, ló ń léfòó. Ẹsẹ̀, tó jẹ́ eegun àti iṣan, ló ń wúwo. Bí orí bá gòkè ní ìpẹ̀kun kan, ìpẹ̀kun kejì á lọ sílẹ̀. Bí orí bá wà nínú omi, tí ojú ń wo ilẹ̀ púùlù ní tààràtà tàbí síwájú díẹ̀, tí ẹ sì fi àyà sinmi lé omi bí ẹni fi àyà lé tìmùtìmù, ìbàdí á gòkè láìjẹ́ pé ẹ ta ẹsẹ̀ rárá.

Lórí ẹsẹ̀, màá sọ̀rọ̀ ní ṣókí. Ìdí itan ni títa ti ń wá. Orúnkún kàn máa rọ̀ díẹ̀ ni, ọrùn ẹsẹ̀ á sì máa mì lẹ̀lẹ̀. Bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣe máa ń ká orúnkún, itan á wá dènà omi tó yẹ kó kọjá. Itan ní lára àwọn iṣan tó tóbi jù nínú ara, ọ́síjìn tí wọ́n ń jẹ kò sì kéré. Fún ẹni tó kàn fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ lọ jìnnà láìmí hẹlẹhẹlẹ, títa ẹsẹ̀ kan fún ìjùpá kan ti tó. Èrò mi ni pé kí ẹ má fi àkókò yín ṣòfò lórí dídi pátákó fóòmù mú kí ẹ máa ta ẹsẹ̀ káàkiri púùlù. Pátákó yẹn ń gbé orí sókè, ìyẹn gan-an sì ni ohun tí à ń sá fún.

Ìdánrawò tó ṣe pàtàkì níbí ni èyí tí à ń pè ní ẹ̀fà-kí-o-yí. Ẹ ti ara yín kúrò lára ògiri, kí ẹ na apá ọ̀tún síwájú, kí apá òsì sinmi lé itan, kí ara sì dà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún díẹ̀ tó fi jẹ́ pé èjìká òsì yọ sókè omi. Kì í ṣe kí ẹ dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátápátá. Bí ìdajì ọ̀nà láàárín dídojúbolẹ̀ àti fífẹ̀gbẹ́lélẹ̀ ni. Ojú ń wo ilẹ̀, ìfóòfó ń jáde. Ẹ ta ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà wẹ́rẹ́. Kí ó tó parí, ẹ yí orí pẹ̀lú ara, kí ẹ fa èémí, kí ojú padà wọlé, lẹ́yìn náà ẹ gbé apá òsì láti itan síwájú bí ọ̀tún ṣe ń fa omi lọ sẹ́yìn, kí ara sì dà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mítà 10 ni kí ẹ ṣe lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le jù lè wọ bàtà rọ́bà gígùn tí wọ́n ń fi lúwẹ̀ẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ìdánrawò yìí ń kọ́ wa ni pé ara ló ń gbé ẹnu jáde. Orí kì í dá lọ fúnra rẹ̀. Bí orí bá ń lọ síwájú nínú omi, omi á rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, á sì dá kòtò kékeré kan síbẹ̀. Inú kòtò yẹn ni ẹnu ti ń rí afẹ́fẹ́, ó sì lè jẹ́ pé omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ga ju ẹnu lọ. Ẹni tí kò mọ̀ pé kòtò náà wà á máa gbé orí lọ sókè láti wá afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ ni awò ojú. Bí ẹ bá ń mí, ojú kan awò gbọ́dọ̀ wà nínú omi, kí èkejì wà lókè. Bí méjèèjì bá yọ síta, orí ti gòkè jù. Kí ẹni tó wà létí púùlù sọ èyí tó rí fún yín, nítorí pé ẹ̀yin fúnra yín kò ní mọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: gbígbá omi mú

Bí ẹ bá ti dé ibí, tí èémí sì ti ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, a lè sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́. Ẹ lọ sí etí ọ̀sà láàárọ̀ kí ẹ wo apẹja tó ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀. Kì í fi ojú àjẹ̀ lu omi, kì í sì í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Á na àjẹ̀ síwájú, á ri ojú rẹ̀ wọlé ní òòró, á sì fà á. Bí ẹ bá fara balẹ̀ wò ó, ẹ óò rí i pé àjẹ̀ kò rìn púpọ̀ nínú omi. Ọkọ̀ ló ń kọjá lára àjẹ̀. Ohun tí ọwọ́ yín ní láti ṣe gan-an nìyẹn. Àtẹ́lẹwọ́ nìkan kọ́ ni àjẹ̀ yín, láti orí ìka títí dé ìgúnpá ni.

Ẹ jẹ́ ká tọ ọwọ́ ọ̀tún lẹ́sẹẹsẹ. Ó wọ omi níwájú èjìká ọ̀tún, kì í ṣe níwájú orí, ìka ló sì kọ́kọ́ wọlé, àtẹ́lẹwọ́ ń wo ilẹ̀. Ó nà síwájú sábẹ́ omi tán. Lẹ́yìn náà ni gbígbá omi mú bẹ̀rẹ̀: orí ìka tọ́ka sí ilẹ̀ púùlù, ọrùn ọwọ́ tẹ̀ lé e láìṣẹ́, ìgúnpá sì dúró síbi tó wà, nítòsí ojú omi, lókè ọrùn ọwọ́. Ní àkókò yìí, àtẹ́lẹwọ́ àti apá ìsàlẹ̀ ti dojú kọ ògiri tí ẹ ti kúrò. Kò tíì sí agbára kankan nínú rẹ̀. Ńṣe ni ọwọ́ kàn ń wá ibi tí yóò ti dì omi mú. Ìgbà tí ẹ bá mọ omi tó wúwo lára apá, ìgbà yẹn ni kí ẹ fà, kí ara sì yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì pẹ̀lú rẹ̀. Ọwọ́ á kọjá lábẹ́ àyà, á dé ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, ìgúnpá ló sì máa kọ́kọ́ jáde nínú omi.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ìgúnpá já sílẹ̀. Bí ìgúnpá bá wálẹ̀ ṣáájú ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́ á máa wo iwájú, omi á sì kàn máa yọ̀ kọjá lábẹ́ apá. Ìkejì ni kí apá nà gbọnrangandan kó sì máa tẹ omi sílẹ̀. Ìyẹn ń gbé àyà sókè, ó sì ń ri ẹsẹ̀. Ẹ rántí pé ẹni tó ń wá èémí ló sábà máa ń ṣe é. Bí ẹ bá rí i pé ó padà wá nígbà tí ó bá rẹ̀ yín, ẹ má bínú sí ọwọ́, ìgbésẹ̀ kìíní ni kí ẹ padà sí.

Orí ilẹ̀ ni mo ti máa ń kọ́kọ́ kọ́ni ní èyí. A ní dúrọ́ọ̀mù ńlá kan lẹ́yìn púùlù. A dà á dùbúlẹ̀, a fi òkúta tì í lọ́tùn-ún lósì kó má yí, akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ̀ síwájú, á sì na apá méjèèjì kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni fẹ́ dì mọ́ ọn. Dúrọ́ọ̀mù yẹn kò ní jẹ́ kí ìgúnpá já sílẹ̀. Ìgúnpá á wà lókè, apá ìsàlẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀ ní iwájú, ìka á tọ́ka sílẹ̀. Mo ní kí Tíṣà pa ojú dé kí wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ní, "Kóòṣì, èyí jọ ìgbà tí mo bá ń gun odi." Ó jọ ọ́ lóòótọ́: ẹni tó ń gun odi á fi apá kọ́ ọ, á wá gbé ara rẹ̀ kọjá. Láti ọjọ́ náà, "ẹ gun odi" ni mo kàn máa ń ké sí wọn láti etí púùlù.

Nínú omi, ìdánrawò méjì péré ni mo ń lò. Èkíní ni fífi ọwọ́ wá omi. Ẹ há fóòmù sáàárín itan kí ẹsẹ̀ má bàa rì, ẹ dojú bolẹ̀, ẹ na apá méjèèjì síwájú, kí ìgúnpá wà lókè, kí ìka tọ́ka sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ máa gbá ọwọ́ síta kọjá èjìká díẹ̀, kí ẹ gbá a padà wá sáàárín, síta, sáàárín, bí ẹni ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ìyanrìn sórí tábìlì. Ẹ kò ní yára, ó sì lè má ju mítà 8 lọ kí ẹ tó dúró. Ohun tí ẹ ń wá ni kí omi máa wúwo lára àtẹ́lẹwọ́ láìdáwọ́ dúró, ní lílọ àti ní bíbọ̀. Bí ó bá fúyẹ́ nígbà kan, ọwọ́ ti yí síbi tí kò yẹ.

Èkejì ni dídi ẹ̀ṣẹ́. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ ìdajì púùlù pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́ dídì, kí ẹ la ọwọ́ ní ìdajì tó kù. Nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ bá wà ní dídì, kò sí àtẹ́lẹwọ́ láti gbára lé, nítorí náà apá ìsàlẹ̀ ní láti wá omi fúnra rẹ̀. Ẹni tí ìgúnpá rẹ̀ ń já sílẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kúrò lójú kan, ìyẹn ni ẹ̀rí. Bí ẹ bá la ọwọ́, ẹ óò rí i pé omi tó ń fúyẹ́ tẹ́lẹ̀ ti wá wúwo. Ẹ má di ìka pọ̀ gírígírí. Ẹ jẹ́ kí ó rọ̀, kí àyè kékeré wà láàárín wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ti tó lọ́jọ́ kan.

Mo fẹ́ kí àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún fetí sí èyí dáadáa. Èjìká tó ti gan kò ní gbà kí ìgúnpá ga tó ti àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ ń wò nínú fídíò. Bí ẹ bá ní ìrora níwájú tàbí lókè èjìká nígbà tí ẹ bá ń gbá omi mú, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ jìn sí i díẹ̀ kí ẹ tó tẹ ìgúnpá, kí ẹ sì rí i pé ọwọ́ kò rékọjá àárín orí bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, tí kì í sì í ṣe àtàǹpàkò ló ń ṣáájú wọlé. Méjèèjì yìí ń fún èjìká mọ́ra. Ìrora tí kò lọ lẹ́yìn ìsinmi ọjọ́ díẹ̀ di ti dókítà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: síso ó pọ̀ mọ́ ìlù kan

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni Tíṣà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́ odindi. Bí a ṣe ṣètò ọjọ́ kan nìyí. Ìṣẹ́jú márùn-ún fún mímí létí ògiri. Ẹ̀fà-kí-o-yí lẹ́ẹ̀mẹrin. Fífi ọwọ́ wá omi lẹ́ẹ̀mẹrin, dídi ẹ̀ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn náà ni mítà 20 lọ́nà mẹ́wàá, láàárín èyí tí ìsinmi á wà. Èémí ni a fi ń ka ìsinmi náà: èémí mẹ́jọ tó balẹ̀, kí wọ́n sì tún gbéra. Bí wọ́n bá rí i pé mẹ́jọ kò tó mọ́ ní ìkẹfà tàbí ìkeje, wọ́n ti ń yára jù nìyẹn, kí wọ́n rọ ìjùpá.

Ẹ ó gbọ́ kí àwọn kan máa sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ máa mí ní ìjùpá mẹ́ta-mẹ́ta kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè dọ́gba. Ìyẹn dára fún ẹni tó ti balẹ̀, ó sì ń ran ara lọ́wọ́ láti má wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń fi èémí dù ú láìnídìí. Ẹ máa mí ní ìjùpá méjì-méjì, ní ẹ̀gbẹ́ tó rọrùn fún yín ní lílọ, kí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ kejì mí ní bíbọ̀. Ìlù tó wà nínú rẹ̀ ni pé ìfóòfó ń jáde ní gbogbo ìgbà tí ojú wà nínú omi, èyí tó le díẹ̀ á jáde ní ìparí, èémí á wọlé, ojú á sì padà sínú omi kí ọwọ́ tó wà lókè tó wọlé. Ẹni tó bá pẹ́ níta jù, ọwọ́ tó nà síwájú ló máa já sílẹ̀ láti gbé e ró.

Ẹ tún nọ́ńbà mẹ́ta yẹn wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ má lé ìjùpá tó kéré nìkan, nítorí èèyàn lè dín in kù nípa kí ó na apá kí ó sì máa yọ̀ lọ títí ara yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Omi wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800, kíákíá ló ń dá ara dúró, agbára tí a fi tún un gbé lọ sì pọ̀ ju èyí tí ì bá fi máa lọ. Bí ìjùpá bá dín ṣùgbọ́n tí ìṣẹ́jú àáyá lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àròpọ̀ méjèèjì kò kúrò lójú kan, kò sí èrè níbẹ̀. Bí àròpọ̀ bá ń wálẹ̀, tí iye èémí létí ògiri náà sì ń wálẹ̀, ẹ wà lójú ọ̀nà.

Ti Tíṣà ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni ìjùpá 18, ìṣẹ́jú àáyá 30, àròpọ̀ 48, wọ́n sì mí lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ni wọ́n fi yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú ìjùpá àti èémí ni ìyàtọ̀ náà wà, ibẹ̀ sì ni agbára tí wọ́n ń dà nù tẹ́lẹ̀ wà.

Láti ibẹ̀, ìsinmi ni a ń dín kù, kì í ṣe pé a ń fi kún eré. Èémí mẹ́jọ di mẹ́fà fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́fà di mẹ́rin, lẹ́yìn náà ni a so mítà 20 méjì pọ̀, kí wọ́n fọwọ́ kan ògiri kí wọ́n sì padà láìdúró. Tíṣà ti ń bi mí báyìí pé ìgbà wo ni a máa lọ sínú ọ̀sà. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé ó di ìgbà tí wọ́n bá lè lúwẹ̀ẹ́ mítà 400 nínú púùlù tí wọ́n á sì máa bá mi sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti dé, nítorí omi ọ̀sà dúdú, kò sí ilẹ̀ tí ojú ń wò, ọkọ̀ onínjìnnì sì ń dá ìgbì sílẹ̀ tó lè bo ẹnu lójijì. Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ kan máa tẹ̀ lé wa, ẹni tó mọ omi máa wà nínú rẹ̀, a ó sì wọ fìlà aláwọ̀ pupa kí wọ́n lè máa rí wa láti òkèèrè.